Kí ló dé tí báńkì àti sáìtì fíìmù fi ń lé VPN yín dànù? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an rèé

Ẹ tan VPN, ẹ ṣí áàpù báńkì, ó ní òun ò lè parí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, kẹ́ ẹ padà wá tó bá yá. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ ní kẹ́ ẹ kúkú wo fíìmù, ìyẹn náà ní òun rí i pé ẹ ń fi ibi tẹ́ ẹ wà pamọ́. Ẹ pa VPN, gbogbo ẹ̀ bá ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn máa ń rò nígbà yẹn ni pé wọ́n ti já VPN yẹn wò, pé báńkì ti ń rí gbogbo ohun tí àwọn ń ṣe nínú ẹ̀, àwọn míì á tiẹ̀ ní ìjọba ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Kò sẹ́ni tó já nǹkan kan. Ohun tí báńkì sábà máa ń kọ́kọ́ rí ni àdírẹ́sì tẹ́ ẹ gbà wọlé, àdírẹ́sì yẹn ló sì sábà máa ń tú yín fó.

Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀. Ohunkóhun tó bá wọ ìńtánẹ́ẹ̀tì máa ń ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní àdírẹ́sì IP. Tẹ́ ẹ bá ṣí sáìtì kan, sáìtì yẹn gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà tó máa fi èsì ránṣẹ́ sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú fóònù yín. VPN kì í pa nọ́ńbà yìí rẹ́, ńṣe ló ń pààrọ̀ ẹ̀: nǹkan yín á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn oníVPN ń lò, sáfà yẹn á wá bá yín gbé e dé sáìtì náà, torí náà nọ́ńbà sáfà ni sáìtì máa rí dípò ti yín. Títí débí, iṣẹ́ tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ sanwó náà ló ń ṣe. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà sáfà yẹn ní ẹni tó ni ín, gbogbo ayé ló sì lè lọ wo ẹni tó ni ín.

Àjọ márùn-ún ló ń pín nọ́ńbà IP káàkiri àgbáyé: ARIN ni ti Àríwá Amẹ́ríkà, RIPE NCC ni ti Yúróòpù àti agbègbè tó yí i ká, APNIC ni ti Éṣíà, LACNIC ni ti Látìn Amẹ́ríkà, AFRINIC sì ni ti Áfíríkà. Wọ́n máa ń pín in ní ìdì ńláńlá fún àwọn iléeṣẹ́, wọ́n á sì kọ orúkọ iléeṣẹ́ tó gbà á sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà. Iléeṣẹ́ tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀ fúnra ẹ̀ á tún ní nọ́ńbà míì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AS. Àwọn tó ń ta dátà fún ilé àti fóònù ní tiwọn, àwọn tó ní dátà sẹ́ńtà, ìyẹn ilé ńlá tí wọ́n to sáfà sí rẹpẹtẹ, wọ́n ní tiwọn. Ẹ lè wò ó fúnra yín, ẹ tan VPN, kẹ́ ẹ tẹ èyí sínú Terminal tàbí Command Prompt orí kọ̀ǹpútà yín:

```
curl https://ipinfo.io/json
```

Ohun tó máa jáde á jọ èyí (nọ́ńbà àti orúkọ inú ẹ̀ jẹ́ ti àpẹẹrẹ o):

```
{
  "ip": "203.0.113.45",
  "country": "NL",
  "org": "AS64500 Example Hosting",
  "timezone": "Europe/Amsterdam"
}
```

Ẹ wo ìlà `org` yẹn. Tẹ́ ẹ bá pa VPN tẹ́ ẹ sì tún un tẹ̀, orúkọ àwọn tẹ́ ẹ ń ra dátà lọ́wọ́ wọn ló máa hàn níbẹ̀. Pẹ̀lú VPN, orúkọ iléeṣẹ́ tó ń fi sáfà háyà ló sábà máa ń jáde. Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Kò sẹ́ni tó ń gbé inú dátà sẹ́ńtà. Kò sí bàbá kan tó jókòó sáàárín sáfà tó ń wo bọ́ọ̀lù lálẹ́. Nítorí náà tí báńkì bá rí kọ́sítọ́mà tó gba ibẹ̀ wọlé, kò nílò kó mọ VPN tí onítọ̀hún ń lò, ó ti mọ̀ pé ẹni yìí fi nǹkan kan sáàárín.

Ìyẹn ni àmì àkọ́kọ́, òun ló sì rọrùn jù. Èkejì ni pé àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ṣe lísìtì àwọn àdírẹ́sì yìí, kí wọ́n sì máa tà á. MaxMind wà níbẹ̀, IPQualityScore wà níbẹ̀, Spur náà wà níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i? Kò sí idán nínú ẹ̀. Àwọn náà á lọ sanwó VPN bí ẹ̀yin náà ṣe san án, wọ́n á wọ sáfà àkọ́kọ́, wọ́n á kọ nọ́ńbà tí wọ́n gbà jáde sílẹ̀, wọ́n á já a, wọ́n á wọ èyí tó kàn, kọ̀ǹpútà ló sì ń bá wọn ṣe é tọ̀sán-tòru. Ti Tor, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì táwọn èèyàn fi ń pa àdírẹ́sì wọn mọ́, tiẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn tó ni Tor fúnra wọn máa ń gbé lísìtì àwọn ọ̀nà àbájáde wọn síta fún ẹni tó bá fẹ́. Sáìtì tó bá ra lísìtì MaxMind á fi àdírẹ́sì yín wò ó, á rí èsì bíi `is_hosting_provider`, `is_anonymous_vpn`, `is_tor_exit_node` tàbí `is_residential_proxy`, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìdí nìyí tí VPN kan fi lè ṣiṣẹ́ lónìí kó má ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ yí sáfà padà, tẹ́ ẹ yí i, tó sì lọ. Àwọn oníVPN lọ háyà ìdì nọ́ńbà tuntun tí kò tíì dé orí lísìtì. Ó máa tó débẹ̀.

Èkẹta wá ni ìtàn àdírẹ́sì yẹn, èyí làwọn èèyàn kì í rò. Nọ́ńbà IP àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní IPv4 ò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, ìdì tó kù nílẹ̀ lókè pátápátá sì ti tán ní oṣù kejì 2011, torí náà owó gidi ni wọ́n fi ń rí i báyìí. OníVPN ò lè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lè máa gba ẹyọ kan ṣoṣo jáde lásìkò kan náà. Ó dà bí ìgbà tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ń pín ẹ̀wù kan ṣoṣo wọ̀ jáde, tí ọ̀kan bá wọ̀ ọ́ lọ jalè, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin kàn fẹ́ wo iye tó kù nínú akáǹtì yín, ṣùgbọ́n ní wákàtí kan sẹ́yìn ẹnì kan gba àdírẹ́sì yẹn gan-an wá dán pásíwọ́ọ̀dù ẹgbẹ̀rún èèyàn wò ní báńkì yẹn kan náà, àwọn pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n jí níbòmíì tí wọ́n wá ń wò bóyá ọ̀kan á ṣí. Báńkì ò mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ ni.

Ó yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ níbí yìí, torí báńkì àti sáìtì fíìmù ń wo àwọn àmì kan náà àmọ́ ìdí tí wọ́n fi ń wò ó jìnnà síra wọn pátápátá, àìmọ èyí ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa fi oògùn orí fífọ́ tọ́jú inú rírun.

Sáìtì fíìmù ò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú yín. Ẹ ti sanwó, wọ́n mọ̀ yín, wọn ò bẹ̀rù pé olè ni yín. Àwọn tó ni fíìmù ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bí wọ́n ṣe ń ta ẹ̀tọ́ fíìmù ni pé wọ́n á gé e sí orílẹ̀-èdè orílẹ̀-èdè: iléeṣẹ́ kan á ra ẹ̀tọ́ àtifi fíìmù kan hàn ní orílẹ̀-èdè méjì, iléeṣẹ́ míì á ra ti fíìmù yẹn kan náà fún orílẹ̀-èdè kẹta, oníkálukú ló sanwó tiẹ̀. Tẹ́ni tó wà lórílẹ̀-èdè kẹta bá fi VPN rìn wọ sáìtì ẹni àkọ́kọ́ tó sì wo fíìmù náà, ẹni tó ra ti orílẹ̀-èdè kẹta á pariwo pé owó òun ti wọgbó. Ó wà nínú àdéhùn pé kí sáìtì ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu láti dí irú ẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ń ṣe é kó lè hàn pé àwọn ń ṣe é ni.

Ẹ wo ti Netflix. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní 2016 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 130 lẹ́ẹ̀kan náà, ó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yẹn, wọ́n kéde pé àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í dí àwọn tó ń fi VPN àti ohun tó jọ ọ́ wo ohun tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn èèyàn bínú gan-an nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa ẹ máa rí i pé ọjọ́ mẹ́jọ péré ló wà láàárín méjèèjì, kò sì jọ pé ó ṣèèṣì bọ́ sí i: bí wọ́n ṣe ń wọ ibi púpọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n jọ pín ẹ̀tọ́ fíìmù ń pọ̀ sí i.

Torí pé ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń ṣọ́, tí kì í ṣe ẹ̀yin, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ yín náà jẹ́ ti ẹ̀tọ́. Netflix kì í sábà ti akáǹtì yín pa. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fúnra wọn ni pé tẹ́ ẹ bá wà lórí VPN, kìkì fíìmù tí àwọn ní ẹ̀tọ́ ẹ̀ káríayé lẹ máa rí. Ọ̀pọ̀ ni kì í mọ̀ pé wọ́n ti dí àwọn, torí sáìtì ṣí, fíìmù wà níbẹ̀, wọ́n á kàn máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí lísìtì òní kéré báyìí. Tẹ́ ẹ bá wá fíìmù kan tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé ó wà lánàá tẹ́ ò sì rí i mọ́, tó wá jẹ́ pé èyí tí Netflix ṣe fúnra ẹ̀ ló kún ojú ìwé, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń lo ètò olówó pọ́ọ́kú tó ní ìpolówó nínú, tiwọn tún le díẹ̀, wọn ò fàyè gba VPN níbẹ̀ rárá, ó jọ pé torí ẹni tó sanwó ìpolówó fẹ́ mọ ibi téèyàn wà lóòótọ́ ni.

Ó máa ń ṣi ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ bà nígbà míì. Ní oṣù kẹjọ 2021, Netflix mú ọ̀rọ̀ yìí le sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí àwọn àdírẹ́sì tó jọ ti ilé gidi, torí àwọn oníVPN kan ti ń háyà irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ káwọn èèyàn wọn lè ríbi gbà. Bí àwọn tó jókòó sílé jẹ́jẹ́ tí wọn ò tíì lo VPN rí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé lísìtì àwọn ti dínkù nìyẹn.

Báńkì wá jẹ́ ọ̀rọ̀ míì. Àdéhùn fíìmù ò kàn án. Ẹ̀yin gan-an ló ń wò, ohun tó sì ń bi ara ẹ̀ ni pé, ṣé ẹni yìí ni ẹni yìí lóòótọ́? Kì í sábà fi àmì kan ṣoṣo dáhùn, ńṣe ló máa ń kó wọn jọ, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, á ro ó pọ̀. VPN jẹ́ máàkì kan láàárín òmíràn. Ìdí nìyẹn tí VPN kan náà fi máa ń wọlé láàárọ̀ tí wọ́n á sì lé e dànù lọ́sàn-án, tí àwọn èèyàn á máa sọ pé báńkì yìí ò ní láárí.

Ká mú àpẹẹrẹ kan ká tẹ̀ lé e dópin. Obìnrin kan ló fẹ́ wọ akáǹtì ẹ̀, ká máa pè é ní Ṣadé. Máàkì tí mo máa fi sí i yìí, èmi ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, báńkì kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ wọn kì í sì í sọ ọ́ síta. Ká ní tó bá ti kọjá 50, báńkì á béèrè ẹ̀rí sí i, tó bá kọjá 80, á dí i.

Láàárọ̀, Ṣadé lo fóònù tó ti ń lò láti ọdún tó kọjá, VPN wà lórí ẹ̀, sáfà yẹn wà lórílẹ̀-èdè tí òun fúnra ẹ̀ wà. Àdírẹ́sì dátà sẹ́ńtà, 30. Fóònù tí wọ́n mọ̀, yọ 20 kúrò. Ó kàn fẹ́ wo iye owó tó wà nílẹ̀, ìyẹn ò fi nǹkan kan kún un. Ó ku 10. Ó wọlé, kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n yẹ òun wò.

Lọ́sàn-án ó lọ sọ́jà, ó fi káàdì sanwó nílé ìtajà. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó ṣí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, VPN orí kọ̀ǹpútà yẹn ti já a sórí sáfà tó wà ní Netherlands láìjẹ́ pé ó kíyè sí i, ó fẹ́ fi owó ńlá ránṣẹ́ sí akáǹtì tí kò fi owó ránṣẹ́ sí rí. Ẹ wo bí báńkì ṣe rí i. Àdírẹ́sì dátà sẹ́ńtà, 30. Orílẹ̀-èdè tí kò wọlé láti ibẹ̀ rí, 15. Káàdì ẹ̀ wà níbìkan ní ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn, òun wá wà ní Netherlands báyìí, ọkọ̀ òfúrufú ò sì yára tó yẹn, 25. Aago inú burawúsà ẹ̀ ń sọ pé ilé ló wà nígbà tí àdírẹ́sì ń sọ pé Netherlands ni, 10. Kọ̀ǹpútà tí wọn ò mọ̀, 10. Ẹni tuntun ló fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí, 15. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 105. Wọ́n dí i.

Ẹ wá kíyè sí i: ká ní Ṣadé pa VPN kó tó bẹ̀rẹ̀, 30 á lọ, 15 á lọ, 25 á lọ, 10 ti aago náà á lọ. Á ku 25, owó á sì rìn. Àmọ́ ká ní VPN nìkan ló wà níbẹ̀ láìsí àwọn tó kù, 30 péré ni, kò ní dí i. Nítorí náà gbólóhùn pé "báńkì ń dí VPN" ò fi bẹ́ẹ̀ tọ̀nà. Òótọ́ ni pé àwọn báńkì kan wà tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kọ́rùn tí wọ́n kàn ti gbogbo ẹ̀ mọ́ta, ṣùgbọ́n níbi tó pọ̀ jù, VPN ló ń fa àwọn máàkì míì wọlé tẹ̀ lé ara ẹ̀.

Ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú jù ni pé báńkì kì í sọ ìdí. Á ní "àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀", àbí kẹ́ ẹ pe iléeṣẹ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọmọ tó gbé fóònù, kò rí máàkì yẹn lójú tiẹ̀. Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ torí tí wọ́n bá sọ fún Ṣadé pé aago inú burawúsà ló tú u fó, wọ́n ti sọ fún olè náà nìyẹn, lọ́la olè á tún aago ẹ̀ ṣe.

Ó ṣì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ mọ ẹni tó lé yín. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti dá yín dúró. Tó bá jẹ́ pé ojú ìwé tí ẹ máa kọ pásíwọ́ọ̀dù sí ò tiẹ̀ ṣí, tó kàn ń yí tàbí tó gbé 403 jáde, ìyẹn nọ́ńbà tó túmọ̀ sí pé wọn ò gbà kẹ́ ẹ wọlé, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ báńkì fúnra ẹ̀ rárá, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n gbà síwájú sáìtì wọn ni, bí Cloudflare tàbí Akamai, àwọn yẹn ò sì tíì mọ orúkọ yín, àdírẹ́sì yẹn nìkan ni wọ́n rí tí wọ́n sì kọ̀. Yí sáfà padà, ó lè lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ti kọ pásíwọ́ọ̀dù tán ni, tàbí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ fowó ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ máàkì nìyẹn. Ẹ má yí sáfà níbi yìí o! Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí i, orílẹ̀-èdè tuntun lẹ tún fi kún un, tẹ́ ẹ bá ṣe é bíi mẹ́ta tẹ̀léra, ẹ ti jọ ẹni tó fẹ́ jà yín lólè gan-an, wọ́n á ti akáǹtì pa, ẹ̀ẹ́ wá máa sáré kiri pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀.

Tó bá sì jẹ́ áàpù orí fóònù ló sọ ọ́ gbangba pé ẹ pa VPN kẹ́ ẹ tó wọlé, ìyẹn tún yàtọ̀, kò tiẹ̀ wo àdírẹ́sì. Lórí Android, áàpù èyíkéyìí lè bi fóònù léèrè pé ṣé ọ̀nà tí a ń gbà yìí jẹ́ ti VPN, fóònù á sì dáhùn. Orúkọ ẹ̀ nínú kóòdù ni `TRANSPORT_VPN`. Kò gba àyè lọ́wọ́ yín kó tó béèrè. Ìdí nìyí tó fi ń yà àwọn tó ń lo áàpù adínà-ìpolówó lẹ́nu: ọ̀pọ̀ áàpù tó ń dènà ìpolówó lórí Android ń ṣiṣẹ́ nípa ṣíṣe bíi VPN nínú fóònù yẹn fúnra ẹ̀, nǹkan yín ò lọ sáfà kankan, àdírẹ́sì yín ò yí padà rárá, síbẹ̀ áàpù báńkì á ní VPN wà níbẹ̀. Ẹ̀yin á sì máa búra pé ẹ ò ní VPN. Ẹ wo àmì kọ́kọ́rọ́ kékeré tó wà lókè ojú fóònù, tó bá wà níbẹ̀, áàpù kan ń ṣe bíi VPN. Ẹ wá inú ètò fóònù, ẹ máa rí èyí tó ń ṣe é.

Kí lèèyàn wá máa ṣe? Fún báńkì, mi ò ní fi dúdú pe funfun fún yín, ẹ pa VPN. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ta á ti sọ fún yín pé láìsí i àwọn tó wà lórí Wi-Fi ìta á kà yín bí ìwé, ṣùgbọ́n áàpù báńkì àti sáìtì tó ní `https` ti ń yí ọ̀rọ̀ yín padà sí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kà láàárín fóònù yín àti báńkì, VPN ò fi nǹkan púpọ̀ kún ìyẹn. Ohun tẹ́ni tó ni Wi-Fi máa mọ̀ ni pé ẹ lọ sí báńkì báyìí, kò ní mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe níbẹ̀. Tẹ́ ò bá fẹ́ máa tàn án kẹ́ ẹ máa pa á, ọ̀pọ̀ áàpù VPN ní ibi tẹ́ ẹ ti lè yan áàpù tí kò ní gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ wá `Split tunneling` nínú ètò ẹ̀, ẹ mú báńkì kúrò níbẹ̀. Mo fara mọ́ ìyẹn ju kí èèyàn máa bá báńkì jìjàkadì.

Àwọn tó ń rìnrìn àjò ni ọ̀rọ̀ tiwọn dùn. Wọ́n máa ń ní àwọn gbọ́dọ̀ lo VPN kí báńkì lè rò pé àwọn ṣì wà nílé. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé síìmù ilé yín dání tẹ́ ẹ sì ń lo dátà ẹ̀ lórílẹ̀-èdè míì, ó sábà máa ń jẹ́ pé dátà yẹn á padà sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ni síìmù nílé kó tó bọ́ sórí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Báńkì á rí àdírẹ́sì ilé, àdírẹ́sì fóònù gidi. Ó wọ́n lóòótọ́, àmọ́ iye dátà tí áàpù báńkì ń jẹ láàárín ìṣẹ́jú méjì ò tó nǹkan. Òdì kejì ẹ̀ ni eSIM arìnrìn-àjò táwọn èèyàn ń rà báyìí: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jáde láti orílẹ̀-èdè kẹta tí kì í ṣe ilé yín tí kì í sì í ṣe ibi tẹ́ ẹ lọ. Ẹ ò tan VPN, síbẹ̀ báńkì á rí i pé orílẹ̀-èdè tẹ́ ò dé rí lẹ ti ń wọlé. Tẹ́ ẹ bá ní irú eSIM yìí tí báńkì sì ń ṣe wàhálà, ẹ tẹ `curl` òkè yẹn, tàbí kẹ́ ẹ ṣí `ipinfo.io` nínú burawúsà, ẹ máa rí i.

Wọ́n tún ń ta "àdírẹ́sì tiyín nìkan", tí ẹlòmíì ò ní bá yín lò. Ó wúlò díẹ̀ fún báńkì, torí ìtàn burúkú ẹlòmíì ò ní wà lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì lò ó pẹ́, báńkì á mọ̀ ọ́n mọ́ yín. Ṣùgbọ́n ilé sáfà ló sábà máa ń wà síbẹ̀, ìlà `org` ò yí padà, fún sáìtì fíìmù kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún gan-an ni VPN ọ̀fẹ́ tàbí olówó pọ́ọ́kú tó ń polongo pé àdírẹ́sì ilé gidi lòun ní. Ẹ bi ara yín pé ilé ta ni? Ní oṣù karùn-ún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní 911 S5 ká, wọ́n sì mú ẹni tí wọ́n ní ó wà nídìí ẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 19 àdírẹ́sì IP tó wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí àdírẹ́sì yẹn kó jọ ni pé wọ́n ṣe áàpù VPN ọ̀fẹ́, àwọn èèyàn gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn, kọ̀ǹpútà wọn sì di ọ̀nà tí àwọn oníjìbìtì ń gbà jáde lójú owó. Ẹni tó rò pé òun ń fi ara òun pamọ́ ni àdírẹ́sì ilé ẹ̀ wá ń lọ dán pásíwọ́ọ̀dù oníbàárà wò ní báńkì. Irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ náà ń dé orí lísìtì, `is_residential_proxy` ni wọ́n á kọ sí i lára, nígbà yẹn tẹ́ ẹ bá pa VPN pàápàá wọ́n á ṣì máa dí yín.

Tó bá ti dà bẹ́ẹ̀ fún yín, ìyẹn ni pé VPN ti kúrò pátápátá, síbẹ̀ sáìtì fíìmù àti báńkì ń kọ̀ ní ilé yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó lórí dátà fóònù. Tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àdírẹ́sì ilé ló ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ áàpù kan tó ń yá ìlà yín fún ẹlòmíì lórí ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ ilé, àpótí tẹlifíṣàn olówó pọ́ọ́kú wà lára àwọn tí wọ́n máa ń bá a lára. Ó sì lè má jẹ́ ẹ̀bi yín rárá, torí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ dátà ló ń fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo sìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé nọ́ńbà ò tó, aládùúgbò tẹ́ ò mọ̀ ló sì ba tiyín jẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà tí ẹ̀rọ Wi-Fi yín sọ pé òun gbà láti ìta, tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 títí dé 100.127, ẹ wà lára àwọn tí wọ́n ń pín in. Ẹ pe àwọn tẹ́ ẹ ń ra dátà lọ́wọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n yí àdírẹ́sì náà padà fún yín, tàbí kí wọ́n fún yín ní èyí tí ẹlòmíì ò bá yín lò, àwọn kan á gba owó díẹ̀ sí i. MaxMind náà ní fọ́ọ̀mù lórí sáìtì wọn tẹ́ ẹ lè fi sọ pé ohun tí wọ́n kọ nípa àdírẹ́sì yín ò tọ̀nà, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe tán, ẹ ṣì máa ní láti dúró kí báńkì yín gba lísìtì tuntun.